Láàárín Káàdì Tó Sọnù àti Káàdì Tuntun: Ibo Lowó Tó Wà Lọ́nà Ń Gbà?

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn, tí a tún tò fún kíkà

Alága wa, akọ̀wé wa, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tó jókòó síbí, mo kí yín o. Nígbà tí akọ̀wé fi àwọn ìbéèrè tí ẹ kọ hàn mí, mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń ti káàdì ATM pa tó bá sọnù. Ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Owó tí mo ti san, tí áàpù ṣì ń kọ Pending sí lára, ṣé yóò lọ ni àbí kò ní lọ? Owó tí ilé ìtajà ní àwọn máa dá padà sórí káàdì náà, ta ló máa gbà á nígbà tí káàdì ò sí mọ́? Ìdí iṣẹ́ káàdì ní báńkì ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi, mo sì lè sọ fún yín pé ìbéèrè wọ̀nyí ló máa ń dá àwọn oníbàárà padà sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí wọ́n ti gba káàdì tuntun tán. Torí náà, ibẹ̀ ni màá dúró sí jù lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya káàdì sọ́tọ̀ kúrò lára àkáǹtì. Owó kò sí lára káàdì. Inú àkáǹtì lowó wà, nọ́ḿbà tó wà lójú káàdì kàn ń júwe àkáǹtì náà fún ẹ̀rọ ni. Ẹ fi káàdì wé ọmọ iṣẹ́ tí ẹ máa ń rán lọ sọ́jà. Bí ẹ bá lé ọmọ náà lónìí, tí ẹ sì ké sí gbogbo ọlọ́jà pé kò ṣiṣẹ́ fún yín mọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fún un lọ́jà lórúkọ yín láti ìsinsìnyí lọ. Ṣùgbọ́n ọjà tó ti gbà lánàá nígbà tí ẹ ṣì ń rán an, ẹ̀yin lẹ máa san owó rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní owó yín lọ́wọ́, ilé yín ló máa gbé e wá, bí ọmọ náà tilẹ̀ ti lọ. Gbogbo ohun tí màá sọ nípa owó tó wà lọ́nà, inú ọ̀rọ̀ yìí ló ti wá.

Ká wá bẹ̀rẹ̀ látorí títì pa fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù ni áàpù báńkì yín, níbi tí wọ́n kọ Cards sí. Ọ̀pọ̀ áàpù ló ń fi nǹkan méjì síbẹ̀. Èkíní ni Freeze tàbí Lock, ìyẹn dídá káàdì dúró fúngbà díẹ̀, ẹ sì lè ṣí i padà fúnra yín. Èkejì ni Block tàbí Hotlist. Ìyẹn ni títì pa pátápátá, nínú ọ̀pọ̀ báńkì, káàdì tó bá ti bọ́ síbẹ̀ kì í jí mọ́, àfi kẹ́ ẹ gba òmíràn. Bí ẹ bá rò pé ẹ kàn gbàgbé rẹ̀ sínú aṣọ mìíràn ni, Freeze ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò. Bí ẹ bá mọ̀ pé wọ́n já a gbà ni, tàbí pé inú mọ́tò ni pọ́ọ̀sì bọ́ sí, ẹ tì í pa pátápátá, ẹ má retí.

Tí kò bá sí áàpù, ẹ pe báńkì. Wàhálà kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í rò tẹ́lẹ̀: ẹ̀yìn káàdì ni nọ́ḿbà tó yẹ kẹ́ ẹ pè wà, káàdì sì ti lọ. Àwọn kan á wá lọ máa wá nọ́ḿbà lórí Fesibúùkù, ibẹ̀ sì ni àwọn gbájúẹ̀ ti ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú ojú ìwé tó ní àmì báńkì lórí. Ẹni tó bá bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀ á ní òun fẹ́ ti káàdì pa fún yín, kẹ́ ẹ ka OTP tó wọlé sórí fóònù yín fún òun. Ẹni tó ń ti káàdì pa kò nílò OTP, kò nílò PIN, kò sì nílò nọ́ḿbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì. Orúkọ yín, nọ́ḿbà àkáǹtì, bóyá ọjọ́ ìbí àti ìbéèrè kan tàbí méjì tí wọ́n fi ń dá yín mọ̀, ó tán. Ẹ kọ nọ́ḿbà báńkì yín sínú ìwé nílé lónìí, kí ẹ sì fún ọmọ tàbí aya tàbí ọkọ yín ní ẹ̀dà rẹ̀.

Bí ẹ ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ béèrè fún nọ́ḿbà ẹ̀sùn, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ pè sílẹ̀. Ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbé kalẹ̀ lórí POS sọ pé kí oníkáàdì fi tó báńkì létí láìjáfara tí káàdì bá sọnù, ó sì tún sọ pé ọrùn oníkáàdì ni jìbìtì tó bá ti ara àṣìlò PIN tàbí káàdì rẹ̀ wá yóò wà. Torí náà, aago tí ẹ fẹjọ́ sùn ni ààlà. Tí owó bá jáde ní aago mẹ́ta, tí ẹ sì ti pè ní aago méjì ààbọ̀, ẹ ní ẹ̀rí pé báńkì ti gbọ́. Láìsí àkọsílẹ̀ aago, ọ̀rọ̀ ẹnu ló kù, ó sì máa ń ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba owó padà.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí èèyàn bi ara rẹ̀ kó tó tẹ ohunkóhun: fóònù mi ńkọ́? Bí fóònù bá wà lọ́wọ́ yín, káàdì nìkan ni kẹ́ ẹ tì. Bí fóònù àti káàdì bá jọ lọ, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Olè lè yọ síìmù yín sínú fóònù tirẹ̀, OTP tó yẹ kó wá bá yín á sì máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà ló sì ní káàdì tó ń fi nọ́ḿbà ojú rẹ̀ rajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà, ẹ sọ fún báńkì pé kí wọ́n dí àkáǹtì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì pe iléeṣẹ́ fóònù yín kí wọ́n ti síìmù pa. Nọ́ḿbà 300 ni wọ́n ń lò fún ìrànwọ́ lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà báyìí, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ bá fi pè é ló máa dá yín lóhùn, nítorí náà ẹ wá ẹni tó ń lo irú síìmù tí ẹ̀yin ń lò.

Dídí àkáǹtì yìí, PND ni àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè é. Ó túmọ̀ sí pé owó lè wọlé, ṣùgbọ́n kò lè jáde lọ́nàkọnà: tiránsífà kò lọ, USSD kò lọ, owó kò ṣeé gbà lórí káńtà. Kí wọ́n tó ṣí i, ẹ sábà máa ní láti fẹsẹ̀ rìn lọ sí báńkì pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀. Mo sọ eléyìí nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tí fóònù wọn wà lọ́wọ́, tí ìjayà mú kí wọ́n dí àkáǹtì lálẹ́ Ẹtì nígbà tó jẹ́ pé káàdì nìkan ló sọnù. Wọ́n á wà láìlówó di Ajé, ìyẹn tí kò bá sí ìsinmi ìjọba. Ẹ mọ èyí tí ẹ ń bọ̀ wá tẹ̀.

Ohun mìíràn tó máa ń fara sin ni pé èèyàn lè ní káàdì méjì lórí àkáǹtì kan, bóyá Verve kan àti Mastercard kan, tí ó sì ti èyí tí kò sọnù pa. Ẹ wo nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lójú áàpù dáadáa. Kí ẹ sì kọ nọ́ḿbà mẹ́rin náà sílẹ̀, mo máa sọ ìdí rẹ̀ fún yín láìpẹ́.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí báńkì ti káàdì pa? Wọ́n yí ipò káàdì náà padà nínú ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè owó. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fi káàdì sínú POS tàbí ATM, ẹ̀rọ yẹn á béèrè lọ́wọ́ báńkì yín pé, ṣé kí n jẹ́ kí owó yìí lọ? Báńkì á dáhùn ní ìṣẹ́jú àáyá. Láti ìgbà tí ẹ ti tì í, ìdáhùn á di bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ bá rí 41 lórí ìwé POS, nọ́ḿbà ìdáhùn tí wọ́n ń lò fún káàdì tó sọnù nìyẹn. 43 ni ti káàdì tí wọ́n jí. Ìbéèrè tuntun nìkan ni ìdáhùn yìí ń kàn. Ìbéèrè tí báńkì ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí kó tó di pé ẹ pè, ìdáhùn yẹn dúró, nítorí pé ọlọ́jà ti gbé ọjà sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà tó ń ta aṣọ, ká máa pè é ní Ìyá Bíọ́lá. Ọ̀sán Ẹtì ni pọ́ọ̀sì rẹ̀ bọ́ nínú mọ́tò. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti káàdì pa láti orí áàpù ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó wo àkáǹtì, Ledger Balance jẹ́ ₦210,000, ṣùgbọ́n Available Balance jẹ́ ₦146,000. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé olè ti kó ₦64,000. Olè kọ́. Ní Ọjọ́rú, ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ kékeré kan lórí ìkànnì ilẹ̀ òkèèrè, ₦64,000 sì ni iye rẹ̀ ní náírà. Ìkànnì náà béèrè ìyọ̀ǹda lọ́jọ́ yẹn, báńkì sọ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì so owó náà mọ́lẹ̀ láìtíì gbé e lọ. Owó náà ṣì wà nínú Ledger, ṣùgbọ́n kò ṣeé ná mọ́. Ìdí nìyẹn tí áàpù fi kọ Pending sí i.

Ní Ajé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìkànnì náà gbé ẹrù jáde, wọ́n á wá gba owó wọn. Ọjọ́ kẹta rèé tí káàdì ti kú, síbẹ̀ owó náà á lọ. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló máa ń sáré wá síwájú mi pé, ẹ ti káàdì mi pa lọ́jọ́ Ẹtì, báwo lowó ṣe jáde lọ́jọ́ Ajé? Ìdáhùn náà ni pé Ọjọ́rú lowó yẹn jáde ní ti òótọ́, Ajé ni wọ́n wulẹ̀ wá kó o. Ledger Ìyá Bíọ́lá á bọ́ sí ₦146,000, Available ò ní yí padà, nítorí ó ti yọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó tó lọ lẹ́yìn títì pa jẹ́ irú èyí tàbí jìbìtì, ẹ wo Available Balance. Bí owó tó ti so mọ́lẹ̀ ló lọ, Available á dúró síbi tó wà. Bí Available bá já wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀yin ṣe nǹkan kan, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀.

Ṣé Ìyá Bíọ́lá lè yí ọkàn padà kí owó má lọ? Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkànnì náà ló wà. Kó fagi lé ọjà náà lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó gbé e jáde. Bí wọ́n bá tú ìyọ̀ǹda náà sílẹ̀, tàbí tí wọn kò wá gba owó náà láàárín iye ọjọ́ tí báńkì fi sílẹ̀, owó á bọ́ kúrò nínú ìdè, á sì padà sínú Available. Ilé ìtura àti àwọn tó ń yá mọ́tò ló ń so owó pẹ́ jù, ó lè tó oṣù kan. Títì pa káàdì kò sọ ọ́ di kíákíá.

Owó kejì tó wà lọ́nà ni ti POS. Ní àárọ̀ Ẹtì yẹn kan náà, ó rajà ₦18,500 ní ṣọ́ọ̀bù kan. Alẹ́ẹ̀tì wọlé pé owó ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ POS kọ Declined, ó bá san owó lọ́wọ́. Ní Nàìjíríà, káàdì tí a fi PIN lò lórí POS sábà máa ń yọ owó lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí Pending níbẹ̀, owó ti kúrò nínú àkáǹtì pátápátá, ìdáhùn báńkì ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù. Irú owó yìí ni ẹ̀rọ yẹ kó dá padà fúnra rẹ̀. Láti oṣù kẹfà 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé owó tó há lórí POS tàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ padà láàárín wákàtí 72. Ti ATM báńkì ẹni fúnra rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni, tí ìyẹn bá kùnà, ó pẹ́ tán láàárín wákàtí 24. Ti ATM báńkì mìíràn, wákàtí 48.

Káàdì tó ti kú kò dí owó yìí lọ́nà, nítorí ìdápadà kì í béèrè ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ káàdì. Ó ń tọ ipasẹ̀ owó àkọ́kọ́ padà sínú àkáǹtì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́jú pọ̀ ni tí wákàtí 72 bá kọjá, tí owó kò padà, tí èèyàn sì wá fẹjọ́ sùn pẹ̀lú káàdì tuntun lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ kún lọ́wọ́ rẹ̀ á tẹ nọ́ḿbà káàdì tuntun sínú kọ̀ǹpútà, kò ní rí owó kankan, á sì ní kò sí irú rẹ̀. Òótọ́ ló sọ, káàdì tuntun kò tíì rajà rí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì àtijọ́ sílẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé lórí káàdì tó parí sí báyìí ni, kí ẹ fún wọn ní ọjọ́, aago, iye owó, àti RRN tó wà lórí ìwé POS, nọ́ḿbà 12 ni. RRN ni báńkì yín àti báńkì ṣọ́ọ̀bù náà fi ń dá owó kan mọ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Tí ìwé POS bá ti parẹ́, ẹ lè padà sí ṣọ́ọ̀bù náà kí wọ́n tún un tẹ̀ jáde fún yín.

Owó kẹta ni èyí tí ṣọ́ọ̀bù mìíràn jẹ ẹ́. Ó dá bàtà kan padà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ₦22,000, wọ́n sì ní àwọn máa dá owó náà padà sórí káàdì tó fi rà á. Nígbà tí owó náà bá dé báńkì rẹ̀, báńkì á wo àkáǹtì tí nọ́ḿbà àtijọ́ yẹn ń júwe, á sì san án síbẹ̀, tí àkáǹtì náà bá ṣì wà. Ó lè pẹ́ díẹ̀ tó bá jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló máa so nọ́ḿbà àtijọ́ mọ́ àkáǹtì. Àkáǹtì tó bá ti di pípa nìkan ni ìdààmú rẹ̀ ń pọ̀, ìyẹn ni mo fi máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé, nítorí káàdì tó sọnù, ẹ má pa àkáǹtì rẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni owó tó ń lọ fúnra rẹ̀. Ìyá Bíọ́lá ń san owó ìwòran lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù, ọjọ́ Àìkú sì ni ó bọ́ sí. Iléeṣẹ́ náà á béèrè owó lọ́jọ́ Àìkú, ìbéèrè tuntun nìyẹn, báńkì á sì kọ̀. Iṣẹ́ wọn á dúró tàbí kí wọ́n fún un ní ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á sì máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá fi tiránsífà san án, tó sì tún fi nọ́ḿbà káàdì tuntun sí i lọ́jọ́ kan náà, wọ́n lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Kó mú ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé tí ẹ bá ti káàdì pa, ẹ ti fagi lé ohun tí ẹ ń san lóṣooṣù. Visa àti Mastercard ní ètò kan tí báńkì tó bá wọ inú rẹ̀ fi ń fi nọ́ḿbà káàdì tuntun ránṣẹ́ sí irú àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí, owó tí ẹ rò pé ó ti dúró á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ kò fẹ́ mọ́, ẹ lọ fagi lé e lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà á.

Ní ti owó ẹgbẹ́ tiwa níbí, àti ti yíyá owó tí báńkì ń yọ lọ́jọ́ owó oṣù, ara àkáǹtì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Títì pa káàdì kò kàn án, yóò lọ bó ṣe yẹ. PND ló lè dá a dúró, tí ẹ bá sì kùnà ọjọ́ gbèsè, èlé lè gorí rẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn, èèyàn ṣì gbọ́dọ̀ jẹun. Tiránsífà àti USSD ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ áàpù báńkì tún ní Cardless Withdrawal: ẹ máa yan iye owó, áàpù á fún yín ní nọ́ḿbà kan, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ATM láìfi káàdì sí i. Nọ́ḿbà náà ní àkókò tó máa ń kú, torí náà, ẹ dé ìdí ATM kẹ́ ẹ tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹni tí kò ní áàpù lè lọ gba owó lórí káńtà pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀.

Káàdì tuntun ńkọ́? Ẹ lè béèrè fún un láti orí áàpù, kí ẹ yan ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ ti gbà á, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí báńkì fúnra yín. Àwọn ẹ̀ka kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ibi tí kò bá sí, olú iléeṣẹ́ ni wọ́n á ti fi ránṣẹ́. Ẹ pè kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ mú NIN, káàdì ìdìbò tàbí pásípọ́ọ̀tù dání, kẹ́ ẹ sì mọ BVN yín. Nínú ìlànà owó iṣẹ́ báńkì tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020, ₦1,000 ni owó pípààrọ̀ káàdì tó sọnù, káàdì olówó ńlá àti kékeré bákan náà. Pẹ̀lú owó orí VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó jẹ́ ₦1,075. Àkáǹtì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi owó sí òun lọ́wọ́ kí káàdì tó yá, ẹ bi í pé rìsíìtì dà.

Bí ẹ bá gbà á, ẹ wò ó: nọ́ḿbà ojú rẹ̀, ọjọ́ tó máa kú àti nọ́ḿbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. PIN àtijọ́ kò bá a lọ. Báńkì á fún yín ní PIN àkọ́kọ́, tàbí kẹ́ ẹ ṣẹ̀dá rẹ̀ lórí áàpù. ATM báńkì yín gan-an ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ lò ó, kí ẹ yí PIN padà níbẹ̀, kí ẹ gba owó díẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí ọjà. Àwọn tó ń gbé e lọ sí POS ní ìgbà àkọ́kọ́ ló sábà máa ń padà wá pé káàdì tuntun ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì mú kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.

Ìyá Bíọ́lá gba tirẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọjọ́ yẹn, ₦18,500 ti padà, ₦22,000 ti bàtà náà wọlé lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, ₦1,075 sì jáde fún káàdì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦146,000, ẹ fi ₦18,500 àti ₦22,000 kún un, ẹ yọ ₦1,075, ₦185,425 ló kù. Ó kọ ọ́ sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín: kí ẹ tó sun lálẹ́ ọjọ́ tí káàdì sọnù, ẹ kọ owó tó so mọ́lẹ̀, owó tí wọ́n jẹ yín, àti owó tó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Tí ọ̀kan kò bá bọ́ síbi tó yẹ, báńkì ni ibùdó àkọ́kọ́, pẹ̀lú nọ́ḿbà ẹ̀sùn. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ ti lọ sí báńkì yín, ibẹ̀ ni nọ́ḿbà ẹ̀sùn yẹn ti ń wúlò.

Bàbá kan níwájú béèrè bóyá olè lè ná káàdì náà láìmọ PIN. Ó lè ṣe é tó bá jẹ́ irú káàdì tí wọ́n ń fi kan ẹ̀rọ lásán. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ti 2023 fi ₦15,000 ṣe òpin ìgbà kan láìsí PIN, ₦50,000 ni òpin ọjọ́ kan. Bàbá, ẹ rí i pé iṣẹ́jú díẹ̀ tó láti pàdánù rẹ̀, torí náà Freeze ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò.

Màmá ẹ̀yìn béèrè pé tí òun bá wá rí káàdì àtijọ́ lábẹ́ ìjókòó mọ́tò ńkọ́, lẹ́yìn tí òun ti tì í pa pátápátá? Màmá, kò wúlò fún owó mọ́, ATM lè gbé e mì tẹ́ ẹ bá fi sí i. Ẹ ya àwòrán nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn tí ẹjọ́ kan bá ṣì wà lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e gba àárín irin kékeré iwájú rẹ̀ kọjá, kẹ́ ẹ tún gé okùn dúdú ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì da àwọn àlokù rẹ̀ nù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.